Ta Ló Ni Gẹdú Tó Jóná?

Ní oṣù Kejì ọdún 1922, iná ṣẹ́ yọ lórí ilẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Macaura, ní agbègbè Tyrone, ní àríwá ilẹ̀ Ireland. Gẹdú tí wọ́n ti gé kalẹ̀ ni iná náà mú, ó sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Macaura ti bá àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ṣe àdéhùn lórí àwọn gẹdú yìí, orúkọ ara rẹ̀ ló sì wà nínú ìwé àdéhùn. Ó mú ìwé rẹ̀ lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n san owó òun. Wọ́n ní àwọn kò ní í san kọ́bọ̀.

Ohun tó fà á ni pé ní ọdún 1919, Macaura ti ta gbogbo gẹdú náà fún kọ́ńpìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Irish Canadian Saw Mills. Kì í ṣe owó ni kọ́ńpìnnì náà fi san án. Ìpín 42,000 ni wọ́n fún un, pọ́n-ùn kan-kan ni iye orí ìpín kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí òun àti àwọn tó bá a di ìpín mú, kò sí ẹlòmíràn tó ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì ọ̀hún. Kọ́ńpìnnì náà tún jẹ ẹ́ ní gbèsè tó tó £19,000. Bí gẹdú náà bá jó, ta ni ìbá tún pàdánù bí kò ṣe òun nìkan? Lójú gbogbo wa, òun ló ni ín.

Lójú òfin, òun kọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, wọ́n sì dá a ní ọdún 1925 pé kọ́ńpìnnì ló ni gẹdú. Ẹni tó ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì, ìbáà jẹ́ ìpín kan, ìbáà jẹ́ gbogbo ìpín pátá, kò ní igi kan nínú igi kọ́ńpìnnì. Ìpín ló ní. Nítorí náà, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni Macaura ra ìdójútòfò lé lórí, owó rẹ̀ sì wọmi.

Mo fi ẹjọ́ yìí ṣáájú nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí mo bá sọ̀rọ̀ mọ apá kan òfin yìí dáadáa, apá tó dùn mọ́ wọn: pé bí a bá fi orúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, gbèsè rẹ̀ kì í bá wa délé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ògiri tó dènà gbèsè kọ́ńpìnnì kó má bàa wọ ilé rẹ, ògiri yẹn náà ló dènà ọwọ́ rẹ kó má bàa wọ àpò kọ́ńpìnnì. Ògiri kan náà ni. A kò lè mọ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan ká wó o ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ìdí ògiri yìí múlẹ̀ gbọn-in kì í ṣe olówó ńlá. Alábàtà ni ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀. Aron Salomon ń ṣe bàtà aláwọ ní òpópónà Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1892, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kọ́ńpìnnì. Òfin ìgbà yẹn ní ó pọn dandan kí ènìyàn méje ní ìpín nínú kọ́ńpìnnì kí wọ́n tó lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Salomon kó ará ilé rẹ̀ jọ: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́rin. Ìyàwó àti àwọn ọmọ gba ìpín kan-kan. Salomon nìkan gba 20,001.

Iye tó ta iṣẹ́ náà fún kọ́ńpìnnì tó nǹkan bíi £39,000. Apá kan rẹ̀ lọ sórí gbèsè tí iṣẹ́ ti jẹ tẹ́lẹ̀, wọ́n fún un ní ìpín tó tó £20,000, wọ́n sì kọ ìwé gbèsè £10,000 fún un. Ìwé gbèsè yìí ló di wàhálà nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe gbèsè lásán. Wọ́n fi gbogbo ohun ìní kọ́ńpìnnì ṣe ìdógò lé e lórí, èyí túmọ̀ sí pé bí kọ́ńpìnnì bá dojú dé, ẹni tó ni ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ gba owó rẹ̀ kí ó tó kan àwọn tó ta ọjà àwìn.

Kò pẹ́ tí ọjà fi dẹnu kọlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bàtà daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba tó ń ra bàtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kó má bàa di pé ẹnì kan ló ń ṣe é. Salomon lọ yá £5,000 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Broderip, ó fi ìwé gbèsè rẹ̀ dúró, ó sì kó owó náà sínú kọ́ńpìnnì. Pàbó ló já sí. Ní ọdún 1893, wọ́n ní kí wọ́n pa kọ́ńpìnnì náà rẹ́. Nígbà tí wọ́n ta ohun tó kù, tí Broderip sì ti gba owó tirẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù lé díẹ̀ ní £1,000. Àwọn tó ta awọ àti ohun èlò ní àwìn ń retí owó tó ju £7,000 lọ. Salomon ní òun ló ni £1,000 tó ṣẹ́ kù, nítorí pé òun ló ni ìyókù ìwé gbèsè.

Ẹ wo bí yóò ṣe rí lára àwọn oníṣòwò yẹn. Ẹni tó ni ìpín 20,001 nínú 20,007, tó ń pàṣẹ, tó ń ra, tó ń tà, òun náà ló tún dúró níwájú wọn lórí ìlà pé gbèsè tòun ni kí wọ́n kọ́kọ́ san. Ẹni tí wọ́n yàn láti palẹ̀ kọ́ńpìnnì náà mọ́ ní ẹ̀tàn gbáà ni èyí, ó ní kí Salomon san gbogbo gbèsè láti inú àpò ara rẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó ní kọ́ńpìnnì yẹn kì í ṣe ohun mìíràn ju aṣojú Salomon lọ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà dá a lẹ́bi, wọ́n ní àwọn mẹ́fà tó kù kàn wá ṣe ọmọlangidi ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, Salomon ti di tálákà débi pé àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún aláìní ló fi pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1896, gbogbo àwọn Lọ́ọ̀dù fẹnu kò pé Salomon ló jàre. Àlàyé wọn kò gùn. Òfin ní ènìyàn méje, wọ́n pé méje. Òfin kò sọ pé kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kò sì sọ pé kí ìpín wọn pọ̀. Kò sí ẹ̀rí pé Salomon lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Òun gan-an kó owó tó yá sínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti lè fi orúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ bó ṣe yẹ, ènìyàn ọ̀tọ̀ ni lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lánàá ló ṣì ń ṣe é lónìí, nínú ilé kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà. Àwọn tó ta àwìn mọ̀ pé kọ́ńpìnnì ni àwọn ń bá dòwò pọ̀, ìwé ìdógò náà sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Mo gbà pé ìdájọ́ náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwọn tó ta awọ máa ń ṣe mí láàánú. Bí adájọ́ bá lè wó ògiri yìí nítorí pé ẹnì kan ló ní ìpín tó pọ̀ jù, kò sí ẹni tí yóò mọ ibi tí ààbò rẹ̀ parí sí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́.

Òfin náà bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Nàìjíríà, ó sì wà nínú òfin kọ́ńpìnnì tiwa, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Láti ọjọ́ tó wà lórí sàtífíkéètì tí àjọ CAC fún kọ́ńpìnnì, ó ti di ènìyàn lójú òfin. Ó lè ra ilẹ̀ kó sì tà á, ó lè ní àkáǹtì ní báńkì, ó lè yá owó, ó lè gba ènìyàn síṣẹ́, ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́, wọ́n sì lè pe òun náà. Òfin ọdún 1990 tó wà tẹ́lẹ̀ ní ó kéré tán, kí wọ́n jẹ́ méjì kí wọ́n tó lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Kò sí pé à ń wá ìyàwó àti ọmọ mọ́ra bíi ti Salomon.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìbàdàn. Ká ní ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ pẹ̀lú ìpín mílíọ̀nù kan tí iye orí rẹ̀ jẹ́ náírà kọ̀ọ̀kan, ó sì ti san owó gbogbo rẹ̀ pé. Kọ́ńpìnnì náà ra ààrò tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà àti ọkọ̀ akérò-búrẹ́dì tó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Ó gba ìyẹ̀fun ní àwìn títí gbèsè fi wọ ogún mílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà iye owó dísù gun òkè, àwọn tó ń ra búrẹ́dì dín kù, iṣẹ́ sì dúró.

Oníyẹ̀fun yóò pe ẹjọ́. Kọ́ńpìnnì ni yóò pè, ní orúkọ tó wà lórí sàtífíkéètì gan-an, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó iwájú ilé ìdáná nìkan. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ẹni tó bá fi orúkọ tí kò sí lójú òfin pẹjọ́ lè bá a pé ilé ẹjọ́ fagi lé ẹjọ́ rẹ̀, kó máa padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìpẹ̀jọ́ yóò lọ sí ọ́fíìsì tí kọ́ńpìnnì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Bí oníyẹ̀fun bá jàre, akódà ilé ẹjọ́ yóò gbé ààrò àti ọkọ̀, wọn yóò tà wọ́n. Ká ní wọ́n rí mílíọ̀nù mọ́kànlá. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ló kù nílẹ̀ yẹn, kò sì sí ibi tí oníyẹ̀fun yóò ti gbà á. Ilé tí obìnrin náà ń gbé, ọkọ̀ tó ń gùn lọ sóde, góòlù ọrùn rẹ̀, kò kàn wọ́n. Ìpín mílíọ̀nù kan tó san ni ohun tó pàdánù.

Ìdí nìyí tí níní ohun ìní àti jíjẹ́ ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́ fi ń rìn pọ̀. Ká ní kọ́ńpìnnì kò lè ní ààrò tirẹ̀ ni, kò ní sí ohun tí akódà yóò gbé, ìdájọ́ náà yóò sì di ìwé lásán. Ká ní wọn kò sì lè pè é lẹ́jọ́ ni, ta ni yóò ta ìyẹ̀fun fún un? Bákan náà, bí awakọ̀ kan bá forí ọkọ̀ búrẹ́dì náà gbá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kọ́ńpìnnì ni wọn yóò pè fún owó ìtanràn pẹ̀lú awakọ̀ náà. Bí ẹni tó ni ilé bá sì já kọ́ńpìnnì jáde lọ́nà àìtọ́, kọ́ńpìnnì ló máa pẹjọ́, ní orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ògiri náà ni àwọn ènìyàn wa máa ń gbàgbé. Owó inú àkáǹtì kọ́ńpìnnì búrẹ́dì yẹn kì í ṣe owó obìnrin náà. Bó bá fẹ́ mú nínú rẹ̀, àfi kó jẹ́ owó oṣù, tàbí èrè tí wọ́n pín lórí ìpín, tàbí yíyá tí wọ́n kọ sílẹ̀. Owó orí náà ń tẹ̀ lé èyí. Ní ọdún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kọ́ńpìnnì kan tó ń jẹ́ Marina Nominees. Àwọn aṣírò owó kan ló dá a sílẹ̀ láti máa bá wọn ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún àwọn oníbàárà wọn. Nígbà tí ìjọba béèrè owó orí, wọ́n ní aṣojú lásán ni, pé iléeṣẹ́ aṣírò owó ló ni owó náà. Ilé ẹjọ́ ní rárá, ènìyàn ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá sílẹ̀, kó san owó orí tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da ilé rú jù lọ láàárín wa ni ìgbà tí bàbá bá kú. Mo ti rí ẹbí tó pín ọkọ̀ mẹ́rin ní ìdí-igi, ọkọ̀ kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà lórí ìwé gbogbo àwọn ọkọ̀ náà. Bàbá kò ní ọkọ̀ kankan tí wọ́n lè pín. Ìpín nínú kọ́ńpìnnì ni ogún tó fi sílẹ̀. Ìpín yẹn ni ìwé ìhágún tàbí ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún yóò darí sọ́wọ́ àwọn ọmọ, àwọn yóò wá di onípìn-ín, wọn yóò yan olùdarí, kọ́ńpìnnì yóò sì máa ná ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kọ́ńpìnnì kì í kú nítorí pé ẹni tó dá a sílẹ̀ kú. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo olùdarí àti onípìn-ín ló kú, òfin gba àwọn tó dúró fún ogún wọn láàyè láti lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n lè pe ìpàdé tí wọn yóò ti yan olùdarí tuntun.

Ààbò náà ní ibi tó mọ, kò sì dára kí ènìyàn máa rò pé ó wà níbi tí kò sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni orúkọ òwò. Àjọ CAC kan náà ló ń forúkọ òwò sílẹ̀, ó ń fúnni ní sàtífíkéètì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kọ́ńpìnnì ni àwọn ti dá yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ òwò kò bí ènìyàn tuntun kankan. Ká ní orúkọ òwò ni obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn fi sílẹ̀, òun gan-an ló ra ìyẹ̀fun, òun gan-an ló jẹ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó kù, ilé rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n lè tà láti fi san án. Láti mọ èyí tí a ní, ká wo ìparí orúkọ náà: kọ́ńpìnnì aládàáni tí gbèsè onípìn-ín rẹ̀ mọ sórí ìpín gbọ́dọ̀ ní Límítẹ́ẹ̀dì níparí orúkọ rẹ̀.

Èkejì ni ìdúró. Báńkì mọ ìtàn Salomon ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí kọ́ńpìnnì kékeré bá wá yá owó, wọn yóò ní kí olùdarí fọwọ́ sí ìwé pé òun dúró fún kọ́ńpìnnì náà. Láàárín ìwé mẹ́wàá tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, ìwé kan ṣoṣo yìí ti mú báńkì kọjá ògiri. Kì í ṣe òfin ló wó o. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bákan náà ni ẹni tó gba ìpín mílíọ̀nù kan tó sì san ìdá mẹ́rin rẹ̀: bí kọ́ńpìnnì bá dojú dé, wọ́n lè béèrè ₦750,000 tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni jìbìtì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Horne ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú iléeṣẹ́ ọkọ̀ Gilford Motor pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, òun kò ní fa àwọn oníbàárà wọn mọ́ra. Ó kúrò, ó sì dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ tí ìpín rẹ̀ kò sí lórúkọ tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ó wá ń fi í fa àwọn oníbàárà ọ̀hún. Ní ọdún 1933, ilé ẹjọ́ ní ìbòjú ni kọ́ńpìnnì náà, wọ́n sì dá òun àti kọ́ńpìnnì náà lẹ́kun. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà náà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Alade àti kọ́ńpìnnì Alic ní ọdún 2010 pé àwọn yóò ṣí aṣọ lójú kọ́ńpìnnì tí wọ́n bá fi hu ìwà jìbìtì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń retí èyí mọ̀ pé òun ni yóò mú ẹ̀rí wá. Pé kọ́ńpìnnì jẹ gbèsè tí kò lè san kì í ṣe jìbìtì fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, oníyẹ̀fun náà ní ohun tó lè ṣe kó tó gbé àpò ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ sọ́kọ̀. Ó lè wá orúkọ kọ́ńpìnnì náà nínú àkọsílẹ̀ CAC kó rí i bóyá ó wà lóòótọ́, kó mọ àwọn olùdarí rẹ̀ àti iye ìpín rẹ̀. Ó lè san owó díẹ̀ kó rí i bóyá báńkì kan ti fi ààrò náà ṣe ìdógò, nítorí òfin ní kí wọ́n fi irú ìdógò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí ohun tó rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó ní kí obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé ìdúró lórúkọ ara rẹ̀ bí báńkì ti ń ṣe, tàbí kó máa gba owó lọ́wọ́ kó tó já ọjà.